Amọ̀ tó wà nísàlẹ̀ kò mọ̀ pé a ti fẹ pádì

Ọjọ́bọ̀, Ìjẹ̀bú-Òde

Sáìtì tí mo wà lónìí wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, níbi tí ilẹ̀ ti ń sọ̀ lọ sí àfonífojì. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ni, òpó mẹ́sàn-án, mẹ́ta ní ìlà mẹ́ta, mítà mẹ́ta láàárín òpó kan sí èkejì. Bàbá onílé fẹ́ kí ilé dúró kí Ojúde Ọba tó ń bọ̀ tó dé, torí ilé rẹ̀ ni rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wọn fẹ́ lò. Gbogbo ohun tá a bá ń sọ, ibẹ̀ ló máa ń padà sí.

Yangí pupa ló wà lókè, ó le dáadáa, dígà máa ń ta padà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tá a fi irin ìlulẹ̀ ọlọ́wọ́ wọlé, ó di mítà mẹ́rin kí nǹkan tó yí padà. Ohun tó bá irin gòkè jẹ́ amọ̀ aláwọ̀ eérú. Mo fún un lọ́wọ́, ó yọ gba àárín ìka mi jáde, omi sì bá a wá. Ẹsẹ̀ ilé yóò jókòó sí mítà kan nínú ilẹ̀, nítorí náà mítà mẹ́ta péré ni yangí tó kù láàárín amọ̀ yẹn àti pádì, ìyẹn kọnkéré pẹlẹbẹ tí òpó kọ̀ọ̀kan dúró lé.

Òpó àárín ló gbé ẹrù jù, tọ́ọ̀nù 36. Pádì tí mo yà fún un jẹ́ mítà kan ààbọ̀ níbùú lóòró, ìyẹn tọ́ọ̀nù 16 lórí mítà onígun mẹ́rin kan. Láti ibí lọ, tí mo bá ti ní tọ́ọ̀nù báyìí ń tẹ ilẹ̀, orí mítà onígun mẹ́rin kan ni mò ń wí. Nígbà tí ọ̀gá bíríkìlà gbọ́ ọ̀rọ̀ amọ̀, ó ní, "Ẹnjiníà, ẹ jẹ́ ká fẹ pádì yẹn sí mítà méjì, ọ̀rọ̀ bùṣe." Kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Pádì mítà méjì á sọ tọ́ọ̀nù 16 di 9 lójú ẹsẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ kù sí ni pé kì í ṣe abẹ́ pádì ló ń bà mí lẹ́rù, amọ̀ rírọ̀ yẹn ni, torí ẹrù lè fún un mọ́ra kí ilé sì rì.

Mo mú ìwé àpò sìmẹ́ńtì, mo yàwòrán rẹ̀ fún wọn. Ẹrù tó bọ́ sórí ilẹ̀ kì í lọ tààrà sísàlẹ̀ bí òpó, ó máa ń fẹ̀ bó ti ń sọ̀. Ọ̀nà kíákíá tí a ń gbà ṣírò rẹ̀ ni méjì-sí-ọ̀kan: bó bá sọ̀ kalẹ̀ mítà méjì, ó ti fẹ̀ ní mítà kan sí ọ̀tún àti mítà kan sí òsì. Nítorí náà, iye mítà tó bá sọ̀ náà la máa fi kún ìbú àti òòró pádì, ká wá pín ẹrù sórí ilẹ̀ tuntun náà:

```
Q / ((B + z) × (L + z))
```

Q ni ẹrù, B àti L ni ìbú àti òòró pádì, z ni bó ṣe jìn sí ìsàlẹ̀ pádì.

Ní mítà mẹ́ta, pádì kékeré á ti di mítà 4.5 níbùú lóòró. Tọ́ọ̀nù 36 lórí 20.25 jẹ́ 1.78. Pádì ńlá á di mítà márùn-ún, 36 lórí 25 sì jẹ́ 1.44. Ẹ wò ó: lábẹ́ pádì, ìtẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dín sí ìlàjì, ṣùgbọ́n lórí amọ̀, ohun tó dín kò tó ìdá márùn-ún. Owó kọnkéré ti lọ, amọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n lára. Ọ̀gá bíríkìlà wo ìwé náà pẹ́, ó ní kí n tún 25 yẹn ṣe. Mo tún un ṣe, 25 náà ni.

Ìṣirò yìí kì í ṣe òótọ́ pátápátá. Ìpíndọ́gba ló ń fún wa, bíi pé ìtẹ̀ rí bákan náà láti etí dé etí, bẹ́ẹ̀ àárín ló máa ń le jù. Ìṣirò mìíràn tí Joseph Boussinesq, ọmọ ilẹ̀ Faransé, gbé jáde ní 1885 ni a máa ń fi wọ̀n ọ́n. Ní mítà kan ààbọ̀ sísàlẹ̀, méjì-sí-ọ̀kan sọ pé tọ́ọ̀nù 4. Ti Boussinesq, ní ọ̀gangan àárín pádì, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 5.4. Ká ní ibẹ̀ ni amọ̀ wà ni, mi ò ní gbẹ́kẹ̀ lé ọ̀nà kíákíá. Ní mítà mẹ́ta, tó jẹ́ ìlọ́po méjì ìbú pádì, àwọn méjèèjì bára mu, 1.78 àti nǹkan bí 1.73. Ìdí nìyẹn tí mo fi lò ó níbẹ̀ láìfòyà.

Tí a bá so gbogbo ibi tí ìtẹ̀ ti dọ́gba pọ̀ lábẹ́ pádì, àwòrán rẹ̀ á rí bí àlùbọ́sà tí wọ́n là sí méjì, ìpele nínú ìpele. Gílóòbù ìtẹ̀ ni mò ń pè é. Ìpele tí ìtẹ̀ ti kù sí ìdá mẹ́wàá máa ń dé nǹkan bí ìlọ́po méjì ìbú pádì onígun mẹ́rin tó dọ́gba; ti ògiri gígùn máa ń jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, ó tó ìlọ́po mẹ́fà. Fún pádì wa, mítà mẹ́ta ni, ó kan lé téńté sórí amọ̀. Ẹni tó bá wo òpó kan ṣoṣo á ní ewu ti kọjá.

Ṣùgbọ́n òpó mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀. Mítà mẹ́ta péré ló wà láàárín wọn, nítorí náà láti mítà kan ààbọ̀ sísàlẹ̀ ni gílóòbù wọn ti ń wọnú ara wọn. Láti ibẹ̀ lọ, ilẹ̀ kò rí pádì mẹ́sàn-án mọ́, pádì ńlá kan ló ń rí, mítà 7.5 níbùú lóòró láti etí kan dé èkejì, tó gbé tọ́ọ̀nù 216 tó jẹ́ àpapọ̀ ilé. Mo ṣírò rẹ̀ báyẹn. Ní mítà mẹ́ta, ó jẹ́ 1.96, kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti òpó àárín nìkan lọ. Ní mítà mẹ́fà ni ìyàtọ̀ ti hàn: òpó kan ṣoṣo á sọ pé 0.64, gbogbo ilé á sọ pé 1.19. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì, nínú amọ̀ gan-an.

Bàbá bi mí bóyá ká kúkú da kọnkéré sí gbogbo abẹ́ ilé. Mo ní, "Bàbá, ẹrù kan náà ni, ojú ilẹ̀ kan náà ni, 1.96 yẹn náà ni amọ̀ máa gbà." Ohun tí ìyẹn lè ṣe ni kó má jẹ́ kí òpó àárín rì ju ti igun lọ, torí bí ilé bá tẹ̀ bí àwo láàárín, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni ògiri ti máa kọ́kọ́ sán ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ìyẹn wúlò, àmọ́ kò dín rírì gbogbo ilé kù. Lóòótọ́, yangí líle tó wà lókè lè tan ẹrù ká ju bí ìṣirò ti wí lọ. Mi ò ní kà á sí èrè títí n ó fi mọ̀ pé ó nípọn bákan náà kárí sáìtì.

A kò tíì mọ bí amọ̀ náà ṣe jìn tó. Mo wá ibi tí ìtẹ̀ ilé ti kéré sí ìdá mẹ́wàá ìwúwo ilẹ̀ tó ti wà lórí amọ̀ tẹ́lẹ̀, torí kọjá ibẹ̀, amọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ ẹrù ilé lára mọ́. Nǹkan bí mítà méje sísàlẹ̀ pádì ló jẹ́, ìyẹn mítà mẹ́jọ láti òkè. Irin ọlọ́wọ́ kò lè dé ibẹ̀. Bàbá ti gbà kí àwọn tó ní ẹ̀rọ ìlulẹ̀ wá lu mítà mẹ́wàá lọ́gangan òpó àárín, kí wọ́n kó amọ̀ lọ sí láàbù fún ìdánwò bó ṣe ń fún mọ́ra. Irin tí wọ́n ti gé fún pádì mítà méjì wà nílẹ̀, ọ̀gá bíríkìlà ní òun á fi tàpólì bò ó. Ó ku kí n pe àwọn tó ń lulẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la, kí n tó pe Bàbá pa dà lórí ọ̀rọ̀ Ojúde Ọba.