Tọ́nẹ̀lì VPN tó ń já ní wákàtí kan kan: ẹ wo aago kí ẹ tó fọwọ́ kan DPD

Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń tẹ èyí, tó bá gùn ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi fara dà á. Ẹ̀yin tí ọ́fíìsì yín wà n'Ílọrin tí sáfà yín wà lórí kiláòdù, tó jẹ́ pé ẹ̀yin ni wọ́n á pè tí VPN bá já, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀, mi ò ní máa ṣàlàyé ohun tí VPN jẹ́.

Kóópù kan lójú ọ̀nà Taiwo Road ló pè mí. Wọ́n ní ráútà fáàbà, lẹ́yìn ráútà yẹn kọ̀ǹpútà Línúsì kékeré kan wà tó ń lo strongSwan, òun ló so ọ́fíìsì mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn lórí kiláòdù níbi tí sáfà ìṣirò owó wà. IKEv2 ni wọ́n fi ṣe é. Ẹni tó tò ó ti kúrò níbẹ̀ kí n tó dé, kò sì fi ìwé kankan sílẹ̀. Wàhálà wọn ni pé tọ́nẹ̀lì á dìde, iṣẹ́ á máa lọ geere, tó bá ṣe díẹ̀ á já, kò sì ní padà wá fúnra ẹ̀ àfi tí ẹnì kan bá lọ rìsítáátì ẹ̀. Gbogbo èèyàn ló ń bú ilé iṣẹ́ tó ń ta íńtánẹ́ẹ̀tì fún wọn. Kì í ṣe pé mo fẹ́ gbèjà wọn o, ẹni tó bá ń gbé Ìlọrin mọ̀ pé fáàbà náà ní ọjọ́ tiẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ṣí fèrèsé kan tí mo fi ń píǹgì àdírẹ́sì ìta tí kiláòdù yẹn ń lò, tọ́nẹ̀lì já, píǹgì ò sì já rárá. Mo sọ fún wọn pé íńtánẹ́ẹ̀tì wà dáadáa, kò sẹ́ni tó gbà.

Ọjọ́ tó dùn mí jù ni ọjọ́ ẹ̀yáwó ìparí oṣù. Gbọ̀ngàn kún, àwọn èèyàn ti Òfà wá, wọ́n ti Ajàṣẹ́-Ìpo wá, àwọn míì ti kírun àsùbáà tán ni wọ́n ti wọ mọ́tò. Kaṣíà ń kọ owó ìyá kan sílẹ̀, ó tẹ bọ́tìnnì, ojú kọ̀ǹpútà dúró gbagidi. Ó pariwo pé "Ẹ̀gbọ́n, ó tún ti lọ o!" Mo sáré rìsítáátì, tọ́nẹ̀lì dìde, kaṣíà tún tẹ bọ́tìnnì yẹn torí ó rò pé ti àkọ́kọ́ ò wọlé. Ó ti wọlé. Sáfà ti kọ ọ́ sílẹ̀, èsì ni kò rí ọ̀nà padà dé ọ́fíìsì. Bó ṣe di pé wọ́n kọ ẹ̀yáwó ìyá yẹn lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn, ọwọ́ ẹ̀ ò sì tíì tẹ náírà kan. Nígbà tí wọ́n pè é síwájú, ẹlòmíì ti jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, onítọ̀hún wò ó, ó ní "Màmá, wọ́n ti san án fún yín, kódà ẹ gbà á lẹ́ẹ̀mejì." Lójú gbogbo ayé. Ìyá àgbà ń búra, ó ń ṣí àpò ẹ̀ hàn wọ́n, ó ní kí wọ́n yẹ ara òun wò. Àwọn kan lẹ́yìn ti ń ráhùn pé àwọn èèyàn báyìí ló ń ba kóópù jẹ́. Alhaji tó jẹ́ mánéjà yíjú sí mi, ó ní "Ṣé kì í ṣe ìwọ lo ní íńtánẹ́ẹ̀tì ò ní nǹkan kan?" Wọ́n wá ìwé owó wò kí wọ́n tó rí i pé owó ò tíì jáde, wọ́n bẹ màmá, wọ́n san án. Ṣùgbọ́n ẹ ò lè bá mi fojú inú wo bí ìyá yẹn ṣe jókòó tó ń nu ojú.

Ohun tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe láti ọjọ́ yẹn ni pé mo ń kọ aago sílẹ̀. Aago tí tọ́nẹ̀lì dìde, aago tó já. Ẹ má fọwọ́ kan sétíńgì kankan kí ẹ tó ṣe èyí, mo bẹ̀ yín, torí àlàfo yẹn ló máa sọ ibi tí ẹ ó wò. Tiwa kì í já ní aago mẹ́wàá tàbí aago mọ́kànlá, ó ń já ní wákàtí kan géérégé lẹ́yìn tí a bá rìsítáátì ẹ̀. Tí mo bá gbé e dìde ní aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú méjìdínlógún, á já ní mẹ́wàá kọjá méjìdínlógún. Fáàbà tó ń ṣe ségesège kò mọ aago tó bẹ́ẹ̀. Láìfútáìmù nìyẹn, ìyẹn iye àsìkò tí kọ́kọ́rọ́ kan fi ń wà kó tó di pé a pààrọ̀ ẹ̀.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ onínẹ́tíwọ́ọ̀kì ní kí n dín DPD kù, kí ó máa yẹ̀ ẹ́ wò lemọ́lemọ́. Mo mọ̀ pé ire ni wọ́n ń fẹ́ fún mi, ṣùgbọ́n ẹ wò ó: nǹkan méjì ló wà nínú tọ́nẹ̀lì yìí. IKE ni àwọn olórí méjèèjì tó ń bára wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù, CHILD_SA ni ọkọ̀ tó ń kó ẹrù. DPD kàn ń béèrè lórí fóònù ni, "ṣé o wà níbẹ̀?" Tí ọkọ̀ bá ti dànù, tí fóònù ṣì ń lọ, DPD á máa sọ pé àlàáfíà ni. Ohun tí mo rí gan-an nìyẹn. Bó ṣe já báyìí, mo tẹ `swanctl --list-sas`, IKE wà níbẹ̀, ó kọ `ESTABLISHED` gàdàgbà, CHILD_SA kankan ò sí lábẹ́ ẹ̀. Ẹ lè ní kí DPD máa béèrè ní ìṣẹ́jú àáyá kan kan, kò ní tún èyí ṣe. Ìgbà tí mo wá ka lọ́ọ̀gì, ohun tó wà níbẹ̀ rèé:

```
received NO_PROPOSAL_CHOSEN notify, no CHILD_SA built
failed to establish CHILD_SA, keeping IKE_SA
```

Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé nígbà tí àsìkò tó láti pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ CHILD_SA, ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ò bára mu. Lápá kiláòdù, wọ́n tan PFS sílẹ̀, gúrúùpù 14, ìyẹn ni pé tí wọ́n bá ń pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́, gúrúùpù Diffie-Hellman yẹn ni kí wọ́n fi ṣe tuntun, kí wọ́n má mú un lára ti àtijọ́. Lápá tiwa, ẹni tó tò ó kọ `aes256-sha256` sílẹ̀, kò fi gúrúùpù kankan sí i. Ibi tó wá dùn mí wọra ni pé tọ́nẹ̀lì ọ̀hún á dìde dáadáa! Nínú IKEv2, CHILD_SA àkọ́kọ́ máa ń bá IKE_AUTH wọlé, ara kọ́kọ́rọ́ tí IKE ti ṣe ló ti ń mú tiẹ̀, kò sẹ́ni tó béèrè gúrúùpù PFS lọ́wọ́ ẹ̀. Àfi ìgbà àkọ́kọ́ tó bá fẹ́ pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ ni ìjà á ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Láìfútáìmù apá kiláòdù jẹ́ 3600 ìṣẹ́jú àáyá, tó bá pé wákàtí kan tí kọ́kọ́rọ́ tuntun ò sí, wọ́n á pa CHILD_SA rẹ́. Bí kaṣíà bá wá tẹ nǹkan, strongSwan á gbìyànjú láti ṣe òmíì lórí IKE tó ṣì wà, ẹjọ́ gúrúùpù kan náà á tún dìde, wọ́n á tún kọ̀ ọ́. Ìdí nìyẹn tí kò fi lè padà wá fúnra ẹ̀. Rìsítáátì ń gbà á torí pé ó ń bẹ̀rẹ̀ IKE tuntun, CHILD_SA àkọ́kọ́ á tún rí ààyè wọlé, a ó tún gba wákàtí kan.

Àtúnṣe ẹ̀ kò ju báyìí lọ:

```
esp_proposals = aes256-sha256-modp2048
rekey_time = 50m
life_time = 58m
```

`modp2048` ni gúrúùpù 14. Ìlà méjì ìsàlẹ̀ ni mo fi rí i dájú pé apá tiwa ló máa kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́, kí ti kiláòdù tó tán. Nínú IKEv2 ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kì í dúnàádúrà láìfútáìmù, oníkálukú ń ṣọ́ aago tiẹ̀ ni, torí náà kò di dandan kó dọ́gba. Tí ẹ bá wà lórí AWS, ohun tó máa ń wà níbẹ̀ tí ẹ ò bá yí i padà ni 28800 ìṣẹ́jú àáyá fún fésì kìíní, ìyẹn IKE, àti 3600 fún fésì kejì, ìyẹn CHILD_SA. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti kọ ọ́, ẹ ṣe `swanctl --load-all`, kí ẹ tú IKE tó wà nílẹ̀ ká kí ẹ sì gbé òmíì dìde, torí èyí tó ti wà tẹ́lẹ̀ á máa lo sétíńgì àtijọ́ lọ ni.

Wàyí o, èyí tí mo fẹ́ kí ẹ gbà lọ́wọ́ mi tí ẹ bá tiẹ̀ gbàgbé gbogbo ìyókù: tọ́nẹ̀lì tó dìde kò tíì ṣiṣẹ́, àfi tó bá ti pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan lójú yín. Ẹ ò sì nílò láti jókòó ti wákàtí kan. Ẹ fi ọwọ́ yín fà á:

```
swanctl --rekey --child kiladu
```

`kiladu` ni orúkọ tí mo fún CHILD_SA tiwa, ẹ fi tiyín sí i. Tí ó bá lọ, ẹ ó rí CHILD_SA tuntun tí nọ́ńbà ẹ̀ yàtọ̀ nínú `--list-sas`. Tí ó bá kọ̀, `NO_PROPOSAL_CHOSEN` á fojú hàn nínú lọ́ọ̀gì lójú ẹsẹ̀. Ká ní ẹni tó tò ó ṣe èyí lọ́jọ́ tó ń gba owó iṣẹ́ ẹ̀, kì bá tí sí ìdí fún ìyá kan láti máa ṣí àpò hàn ẹnikẹ́ni. Inú á bí ẹnì kan pé mò ń sọ ọ́ báyìí, ṣùgbọ́n ìlà kan péré ni, kò gba ìṣẹ́jú kan!

Mi ò sọ pé kíípáláìfù, ìyẹn pákẹ́ẹ̀tì kékeré tó ń lọ lóòrèkóòrè kí ráútà má bàa gbàgbé ọ̀nà, ò wúlò o. Ọ́fíìsì kékeré kan wà tí mo ń bójú tó ní Òmù-Àrán, ráútà 4G ni wọ́n ń lò, tiwọn ò ní aago rárá. Ó máa ń já tí wọ́n bá lọ jẹun tàbí kírun, tí ẹnì kankan ò tẹ nǹkan fún ìgbà díẹ̀. Sáfà ò ní lè dé ọ̀dọ̀ wọn, ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá kàn píǹgì láti ọ́fíìsì, gbogbo ẹ̀ á padà sípò. Èyí ni NAT ráútà tó ti gbàgbé ọ̀nà UDP 4500. Ẹnì kan ti kọ `keep_alive = 0` sínú `strongswan.conf`, mo dá a padà sí `20s`, ó tán. Ẹ ṣáà wò ó bóyá aago ló ń tẹ̀ lé ni tàbí ìdákẹ́jẹ́.

Tí tiyín bá ń já ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́jọ mẹ́jọ, fésì kìíní ni kí ẹ wò, òun náà ṣeé fi ọwọ́ fà pẹ̀lú `swanctl --rekey --ike` àti orúkọ kọnẹ́ṣọ̀n yín. Ẹ ṣe é lálẹ́ lẹ́yìn tí kaṣíà bá ti lọ ilé.