Ta la ó dárúkọ lọ́jọ́ ìdúpẹ́ oníbàárà?

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá, tẹ́ ẹ sì ti ń ta aṣọ fúnra yín ní Ìjẹ̀bú-Òde, ní Ìjẹ̀bú-Igbó àti ní Ṣàgámù, ìbéèrè kan náà lẹ máa ń bi mí bí Iléyá bá ti ń sún mọ́lé: kí ni kí n sọ lọ́jọ́ tí mo bá pe àwọn oníbàárà mi jọ láti dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn? Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ẹni tí a máa dárúkọ le ju ohun tí a máa sọ lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti àkókò kúrò nílẹ̀. Fún àwa tí à ń ta aṣọ ẹgbẹ́, ọjọ́ kejì Ojúde Ọba ló dára jù. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba máa ń bọ́ sí, àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú tó ti Èkó wá kò sì tíì padà. Kí álífáà àti pásítọ̀ gbàdúrà tán kí ẹ tó dìde, ẹ má sì tún gba àdúrà gígùn mìíràn lé e. Ẹ sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó gbé oúnjẹ, torí bí ṣíbí bá ti ń kan abọ́, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ yín mọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ti tó.

Ó kan ọ̀rọ̀ orúkọ wàyí. Àbúrò kan gbé ọ̀rọ̀ tó kọ wá fún mi pé kí n bá òun wò ó. Ó kọ ọ́ báyìí: "Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ báyìí-báyìí tí wọ́n ra ọ̀pá 800 lọ́wọ́ mi, tí wọ́n sì san owó wọn pé kí ọjọ́ tó pé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀yin aránṣọ tí ẹ ń mú èèyàn wá, ohun tí à ń fún yín kò ní dáwọ́ dúró." Tọkàntọkàn ló fi kọ ọ́, kò sì sí irọ́ kan nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbólóhùn méjèèjì yẹn ì bá tú ìjókòó náà ká.

Ẹ wo ọ̀pá 800. Ẹgbẹ́ tó ra 150 wà níbẹ̀, wọ́n á sì gbà pé àwọn kò jẹ́ nǹkan kan lójú rẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, gbogbo ẹni tó ń rajà mọ̀ pé ẹni tó ra 800 kò san iye tí ẹni tó ra mẹ́fà san. Kí oúnjẹ tó délẹ̀, wọ́n á ti máa bi ara wọn pé èló ni wọ́n tà á fún àwọn yẹn.

Ti owó tó tètè pé tún burú ju ìyẹn lọ. Ẹ mọ bí a ṣe ń ta aṣọ ẹgbẹ́: akápò ló ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́, òun náà ló ń san án fún wa díẹ̀díẹ̀. Ó lè jẹ́ pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kan ti san tiwọn tán, kí owó ṣì wà lọ́wọ́ akápò. Bí ẹ bá yin ẹgbẹ́ kan pé ó san gbèsè, ọmọ ẹgbẹ́ kejì á yíjú sí akápò rẹ̀ pé, "Ṣé tiwa náà ti pé?" Ẹ ti dójú tì í láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ẹ ò sì dárúkọ rẹ̀ rárá. Irú akápò bẹ́ẹ̀ kò ní mú aṣọ ọdún tó ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ yín.

Ní ti aránṣọ, oníbàárà tó bá gbọ́ pé a ń fún aránṣọ òun ní nǹkan á gbà pé orí owó òun ni a ti yọ ọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni kí ẹ dúpẹ́ fún.

Ṣé ká má wá dárúkọ ẹnikẹ́ni ni? Bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo wí, àfi àwọn olóyè àti àgbà tí ẹ gbọ́dọ̀ kí ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ lọ bi olóòtú ètò léèrè àwọn tó ti jókòó, kí ẹ kọ oyè wọn sílẹ̀ bó ṣe jẹ́ gan-an. Bí ẹ bá fẹ́ kí àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ẹ kí gbogbo wọn pọ̀. Bí ẹ bá pe Gbọ́baníyì, tí ẹ kò pe Bọ́bagbìmọ̀ tó wà níjòókòó, ẹ ti dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀.

Ohun tí ẹ máa fi rọ́pò orúkọ ni ìdí. Ojúde Ọba fúnra rẹ̀, ìdúpẹ́ ló bí i: àwọn Mùsùlùmí Ìjẹ̀bú ló ń lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Awùjalẹ̀ tó fún wọn láyè láti ṣe ẹ̀sìn wọn. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ dúpẹ́. Ẹ wá ohun kan pàtó tí àwọn oníbàárà yín ṣe, kí ẹ sọ ọ́. Bí èmi ṣe máa sọ tèmi nìyí:

"Mo kí ẹ̀yin olóyè, mo kí ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa, mo kí álífáà àti pásítọ̀ wa. Ìjẹ̀bú ọmọ Alárè, ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún.

"Nígbà tí aṣọ gbówó lórí, ẹ lè gba Èkó lọ rà á. Ẹ ò lọ. Ẹ ní kí n bá yín wá a, ẹ sì dúró dè mí títí ó fi dé. Àwọn kan nínú yín ti ń rà lọ́wọ́ mi láti ìgbà tó jẹ́ pé orí tábìlì ni mò ń pàtẹ sí. Mo mọ̀ yín, ẹ̀yin náà mọ ara yín. Ẹ ṣé, mo dúpẹ́.

"Ẹ̀yin aránṣọ, ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí aṣọ náà yẹ wọ́n lánàá. Ẹ kú iṣẹ́.

"Lónìí, àǹkárá tó wà lórí tábìlì iwájú yìí, náírà 200 la ó yọ lórí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ra ọ̀pá mẹ́fà, náírà 1,200 ló dín un. Ó parí ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ òní, léèsì kò sì sí nínú rẹ̀. Ẹni tó rà àti ẹni tí kò rà, oúnjẹ wà fún gbogbo yín. Mo ṣí ètò."

Ẹ kíyè sí apá tó gbẹ̀yìn yẹn: irú aṣọ, iye owó, aago, àti ohun tí kò sí nínú rẹ̀. Bí ẹ bá fi aago sílẹ̀, ẹnìkan á dé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ pé ẹ ṣèlérí fún òun, ẹ kò sì ní lè jiyàn. Kí ẹ tó kọ 200 sílẹ̀, ẹ wo èrè yín. Bí èrè orí ọ̀pá kan bá jẹ́ náírà 300, ọgọ́rùn-ún péré ló kù, ẹ ò sì tíì san owó oúnjẹ àti ìjókòó. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kó ìwọ̀nba aṣọ tí mo lè dín owó rẹ̀ sórí tábìlì kan, tí n kì í sọ pé gbogbo ọjà.

Ẹ bá onílù sọ̀rọ̀ ṣáájú pé kó má lu ìlù títí ẹ ó fi ní "mo ṣí ètò", torí òun náà mọ orúkọ àwọn olówó, bó bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í kì wọ́n, gbogbo ìṣọ́ra yín ti já sófo. Bí akápò kan bá wá bá yín ní kọ̀rọ̀ pé òun á mú ìyókù owó wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ ní ẹ ti gbọ́, kí ẹ bu oúnjẹ fún un. Ẹ má ṣe mú ìwé gbèsè jáde lọ́jọ́ náà.