Oko ni o, kì í ṣe òwò

Ìwé àwọn ọmọ wà lórí tábìlì, mi ò tíì fọwọ́ kan ọ̀kan. Òjò rọ̀ ní Kàbà lọ́sàn-án, a tètè túká. Kò sí nǹkan míì lónìí, àfi ohun tí ọ̀gá kan sọ fún ẹlòmíì ní yàrá àwa tíṣà: "Oko ni òfin fi sílẹ̀ fún àwa òṣìṣẹ́ ìjọba o, kò fi òwò sílẹ̀."

Èmi kọ́ ló ń bá wí, àmọ́ ara mi ò balẹ̀ látìgbà yẹn. Ọ̀rọ̀ káṣú kan wà tí Àǹtí nílé ọkọ mi ń fi yọ mí lẹ́nu, pé kí n mówó wá ká jọ máa rà á lọ́wọ́ àwọn ará Búnú, ká máa tà á fáwọn tó ń fi mọ́tò kó o lọ. Mo wo kọnsitiṣọ́ọ̀nù 1999 lórí fóònù, ó wà lẹ́yìn, ní Àfikún Karùn-ún: òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń ṣiṣẹ́ fúltáìmù ò gbọdọ̀ lọ́wọ́ sí dídarí òwò kankan, ṣùgbọ́n kò sóhun tó ní kó má dáko. Tíṣà ilé-ìwé ìjọba náà wà nínú ẹ̀.

Kò fi òwò sílẹ̀. Ẹ̀gẹ́ tí mo gbìn tí mo wú tí mo tà, oko nìyẹn. Tí mo bá wá ra ti aládùúgbò mọ́ ọn kí mọ́tò lè kún ńkọ́? Lójú tèmi, ibẹ̀ ló ti ń di òwò. Tí mo bá sì fi tèmi yan gàrí... ó ti sú mi. Ṣé kì í ṣe àwa kan náà la ń ta sobo lábẹ́ tábìlì ni, ta ló mú wa rí? Kí wọ́n kúkú fi kún owó oṣù.

Ó dáa, ká ní oko ni. Éékà kan, mítà kan síra, ó tó ẹgbàajì ìdí ẹ̀gẹ́. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ni koríko máa ń pa á, ẹ̀ẹ̀mẹta lèèyàn máa ro ó kí ewé tó bo ilẹ̀: bí oṣù kan, oṣù kejì, oṣù kẹta. Tí mo bá gbìn ní Éépù, ìkẹta bọ́ sí Júláì, ìgbà ìdánwò àti máàkì, Sátidé nìkan ni mo sì ní. Torí náà ìdámẹ́rin éékà ni, ẹgbẹ̀rún ìdí, kí owó ẹni tó máa bá mi ro ti Júláì sì ti wà nílẹ̀ kí n tó wá igi ẹ̀gẹ́. Tówó yẹn ò bá sí, oko yẹn ti tóbi jù fún mi.

Ṣùgbọ́n bí ọdún kan ni ẹ̀gẹ́ máa lò nílẹ̀ o, owó káṣú Àǹtí á sì ti wọlé kí oṣù yìí tó parí. Ó tún pè nírọ̀lẹ́, "Ọ̀kun o, ìyàwó wa," mo ní mo ń máàkì ìwé. Bóyá kí n ní kó bá mi wá igi ẹ̀gẹ́ tó dáa ní Búnú níbẹ̀, àbí kí n kàn ní owó ò sí, ìyẹn náà kì í ṣáà ṣe irọ́.