Bí a ṣe ń tú ẹ̀sípírẹ́ṣọ̀n tó lọ́jú pọ̀ láì ya ọ́tómátà

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ nípa rẹ́gúlà ẹ̀sípírẹ́ṣọ̀n, ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ tètè mọ̀: bí ẹ̀sípírẹ́ṣọ̀n bá tilẹ̀ gùn, kò di dandan kí a ya ọ́tómátà, ìyẹn àwòrán àwọn ipò àti ọfà tó ń ka ọ̀rọ̀ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, fún un kí a tó lè mú un kúrú. Òfin ìdọ́gba tí a nílò kò pọ̀. Ibi tí iṣẹ́ wà ni kí ènìyàn mọ èyí tó kàn láti lò, ìdí sì nìyí tí mo fi fẹ́ kí a mú ẹyọ ẹ̀sípírẹ́ṣọ̀n kan, kí a sì tẹ̀ lé e títí dé òpin.

Nínú ohun tí a ó kọ, àmì + túmọ̀ sí «èyí tàbí ìyẹn»; bí a bá kọ nǹkan méjì tẹ̀ léra, a so wọ́n pọ̀ nìyẹn; ε sì ni ọ̀rọ̀ tí kò ní lẹ́tà kankan. Ìràwọ̀, ìyẹn àmì *, tí onímọ̀ ìṣirò Stephen Kleene gbé kalẹ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀ tó jáde ní 1956, ń sọ pé kí a tún nǹkan kọ ní iye ìgbà tó bá wù wá, tó fi mọ́ kí a má kọ ọ́ rárá. Bí a bá ní ẹ̀sípírẹ́ṣọ̀n méjì dọ́gba, ohun tí a ń sọ ni pé ọ̀rọ̀ kan náà gan-an ni àwọn méjèèjì ń gbà wọlé.

Èyí tí a fẹ́ tú nìyí:

```
(ε + aa*)b + a*b(b + aa*b)*(b + aa*b)
```

Irú rẹ̀ ló sábà máa ń jáde nígbà tí ènìyàn bá ń yọ ipò ọ́tómátà kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, tí kò sì dúró tún ohun tó ń kọ ṣe. Ọ̀pọ̀ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ló máa ń kọ́kọ́ tú àkámọ́, tí ẹyọ méjì á di mẹ́rin, tí mẹ́rin á di mẹ́jọ. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí ohun tó wà lábẹ́ ìràwọ̀ kò ní tìtorí ìyẹn jáde síta. Inú ìràwọ̀ gan-an ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Ohun tó wà níbẹ̀ ni b + aa*b. Níwọ̀n bí b ti jẹ́ ohun kan náà pẹ̀lú εb, b ló parí ẹyọ méjèèjì, a sì lè fà á yọ sí apá ọ̀tún, kí ó di (ε + aa*)b. Ohun tó kù nínú àkámọ́ ń sọ pé kí a má kọ a rárá, tàbí kí a kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kí iye tó bá wù wá sì tẹ̀ lé e. Ohun tí a* ń sọ kò sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òfin tí a lò ni ε + rr* = r*. Ó kan ibi mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, tí gbogbo rẹ̀ fi di:

```
a*b + a*b(a*b)*(a*b)
```

Nísinsìnyí, a*b ti fara hàn nígbà mẹ́rin. Ẹ fún un ní orúkọ kúkúrú, kí ojú má baà máa ṣì yín. Ẹ jẹ́ kí a pè é ní p. Bí a bá fa p yọ sí apá òsì, òfin ìṣáájú náà ni yóò tún ṣiṣẹ́, nítorí p*p àti pp* kò yàtọ̀ síra:

```
p + pp*p = p(ε + p*p) = pp* = a*b(a*b)*
```

Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń dúró. Ìdáhùn náà tọ̀nà, ṣùgbọ́n ìràwọ̀ ṣì wà nínú ìràwọ̀, lójú tèmi sì rèé, bí a bá ti rí bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí a tún un wò. Òfin méjì ló wúlò níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni r(sr)* = (rs)*r, èyí tó jẹ́ kí a lè ti r láti iwájú ìràwọ̀ lọ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Èkejì ni (r*s)*r* = (r + s)*, èyí tó ń yọ ìràwọ̀ inú kúrò. Bí a bá ti p lọ sí ẹ̀yìn, a ó rí (a*b)*a*b. Ẹ wá kà á bí ẹni pé ẹ kò mọ ibi tó ti wá: (a*b)*a* ló ṣáájú, b kan ṣoṣo sì tẹ̀ lé e. Òfin kejì sọ apá iwájú di (a + b)*, gbogbo rẹ̀ sì parí sí:

```
(a + b)*b
```

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí b parí rẹ̀ ni. Ẹni tí òfin kejì yìí kò bá dá lójú lè mú ọ̀rọ̀ aabbaba, kí ó gé e lẹ́yìn gbogbo b: aab, b, ab, yóò sì ku a. Gbogbo ègé tó ní b jẹ́ irú a*b, ohun tó kù lẹ́yìn jẹ́ a*, kò sì sí ọ̀rọ̀ tí a fi a àti b kọ tí a kò lè gé báyìí.

Ohun tó máa ń da iṣẹ́ yìí rú jù ni àṣà ìṣirò nọ́ńbà tí a ti mọ̀ láti kékeré. Níbí, kò sí ìyọkúrò, kò sì sí pínpín. Òótọ́ ni pé a*a* = a*ε, ṣùgbọ́n bí ẹ bá pa a* rẹ́ ní apá méjèèjì, ẹ ó máa sọ pé a* = ε, irọ́ sì ni. Bákan náà, (a + b)* kì í ṣe a* + b*, nítorí ab wà nínú ti àkọ́kọ́, kò sì sí nínú ti èkejì. Lẹ́yìn ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ àwọn ọ̀rọ̀ tí lẹ́tà wọn kò ju méjì lọ tí apá méjèèjì gbà. Nínú iṣẹ́ tí a ṣe tán yìí, b, ab àti bb nìkan ni, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí wọ́n bá yàtọ̀, ìgbésẹ̀ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ló ní àṣìṣe. Bí wọ́n bá bára mu, ìyẹn nìkan kò tíì tó ẹ̀rí.

Ibì kan sì wà tí àwọn òfin wọ̀nyí kò lè gbé wa dé. Ẹ wo (aa)*(ε + a), tí í ṣe a* lóòótọ́: iye a tó ṣeé pín sí méjì dọ́gba, kí a fi ẹyọ kan kún un tàbí kí a má fi kún un. Ẹ ó gbìyànjú títì sẹ́yìn, ẹ ó gbìyànjú fífà yọ, kò ní bọ́ sí i. Kì í ṣe pé òfin kan ló bọ́ lọ́wọ́ yín. Ní 1964, onímọ̀ ìṣirò Redko fi hàn pé kò sí iye òfin ìdọ́gba tó lópin tó lè tó fún gbogbo rẹ̀. Ohun tí a ń lò níbẹ̀ ni òfin Arden, ti 1961: bí X = AX + B, tí ε kò sì sí nínú A, X kò lè jẹ́ ohun mìíràn àyàfi A*B. Ẹ pe (aa)*(ε + a) ní X, kí ẹ sì wo ohun tí aX + ε jẹ́:

```
aX + ε = a(aa)* + a(aa)*a + ε
       = (aa)*a + aa(aa)* + ε
       = (aa)*a + (aa)*
       = (aa)*(ε + a) = X
```

Ìgbésẹ̀ kejì ti a sẹ́yìn nínú ẹyọ àkọ́kọ́, ó sì kó a méjì jọ síwájú nínú èkejì. X = aX + ε, nítorí náà X = a*.

Ẹ má fojú kékeré wo gbólóhùn tó sọ pé ε kò gbọ́dọ̀ sí nínú A. Nínú X = a*X + b, ε wà nínú a*. Òótọ́ ni pé a*b bá a mu, ṣùgbọ́n (a + b)* náà bá a mu, nítorí a*(a + b)* kò ju (a + b)* lọ, b sì ti wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá sáré kọ A*B níbẹ̀ lè ti kọ èdè mìíràn, ìyẹn àkójọ ọ̀rọ̀ mìíràn, yàtọ̀ sí èyí tó ń wá.