Lẹ́tà tá a máa fi kéde pésírì ọdún: ibi tá a bá a dé

Ọ̀sẹ̀ kìíní

Lẹ́tà ni mo kọ́kọ́ kọ, ibẹ̀ gan-an ni mo ti gbà á lódì. Àǹtí mi ló ni bẹ́kìrì kékeré yìí, inú kíṣìnnì wọn la ti ń ṣe é, èmi máa ń lọ bá wọn lópin ọ̀sẹ̀ torí kò sí iṣẹ́ ọwọ́ tí mo fẹ́ràn tó kí n máa po ìyẹ̀fun. Wọ́n ní kí n bá àwọn kọ lẹ́tà sáwọn oníbàárà pé fíléfọ̀ pésírì tuntun mẹ́ta ń bọ̀ fún àsìkò ọdún, tí ọdún bá ti lọ, ó ti lọ náà nìyẹn. Mo jókòó, láàárín wákàtí kan mo ti kọ ọ́ tán, ó sì dùn létí: ọsàn àti sínámọ́nì tó ń ta sánsán, álímọ́ńdì tó rọ̀ bí òwú, ṣokoléètì òun atalẹ̀, díẹ̀ ló wà o, ẹ tètè wá.

Àǹtí mi kà á tán, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí. "Díẹ̀ tó o kọ síbí yìí, mélòó ni?"

Mi ò rí èsì fọ̀. A ò tíì ṣe ẹyọ kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo sì ti ń sọ bó ṣe rọ̀ tó. Wọ́n ká bébà náà, wọ́n fi sínú dúrọ́ọ̀, wọ́n ní ká lọ dá iná sí ófùnù.

Ọ̀sẹ̀ kejì

Ọsàn àti sínámọ́nì la fi bẹ̀rẹ̀. Mo da sínámọ́nì lílọ̀ sínú ìyẹ̀fun níbi tí mo ti ń pò ó, ṣíbí ńlá méjì sí ìyẹ̀fun 500 gíráàmù, mo rò pé bẹ́ẹ̀ ni òórùn rẹ̀ á ṣe wọ gbogbo ara rẹ̀. Wákàtí kan, wákàtí méjì, kò wú. Mo fi ìka tẹ̀ ẹ́, ojú ìka mi dúró síbẹ̀ bó ṣe wà. Mo kọ́kọ́ rò pé yíìsì ló ti kú, mo wá mú díẹ̀ nínú yíìsì kan náà, mo fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ṣúgà sí i, kò pẹ́ tó fi hó sókè nínú kọ́ọ̀bù, kò sí nǹkan tó ṣe é. Sínámọ́nì ni. Èròjà tó ń fún un ní òórùn yẹn máa ń dí yíìsì lọ́wọ́, tó bá ti pọ̀ nínú ìyẹ̀fun, yíìsì ò ní lè ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ọ̀nà tó dáa ni kéèyàn fi sínú ohun tó máa tẹ́ sáàárín, kó má bá ìyẹ̀fun fúnra rẹ̀ pò.

A wá ṣe é báyìí. Èèpo ọsàn méjì, kìkì ibi tó pọ́n lójú rẹ̀ la rin, torí funfun abẹ́ rẹ̀ korò, mo wá fi ìka ra á pọ̀ mọ́ ṣúgà. Ibí yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà. Téèyàn bá ń fi ìka ra á, òróró inú èèpo náà á máa jáde díẹ̀díẹ̀, ṣúgà tó gbẹ á bẹ̀rẹ̀ sí í rin, á dà bí iyanrìn etí omi, àwọ̀ rẹ̀ á yí padà, gbogbo ilé á sì gba òórùn. Lẹ́yìn ìyẹn ni sínámọ́nì àti bọ́tà rírọ̀ tó wọlé. A ò fi omi ọsàn sí i rárá, torí omi yẹn á jẹ́ kí àárín rin gbindin kó tó jinná.

Ti álímọ́ńdì ò fún wa ní wàhálà: bọ́tà, ṣúgà, álímọ́ńdì lílọ̀ àti ẹyin, 100 gíráàmù ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìyẹ̀fun díẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo jẹ ẹ́, kò rọ̀ bí òwú o. Ẹ̀yìn rẹ̀ ń dún kíkankíkan lẹ́nu, inú rẹ̀ wá rin, ó wúwo díẹ̀. Ó dùn gan-an, àmọ́ kì í ṣe ohun tí mo kọ sínú lẹ́tà, ẹni tó bá tìtorí òwú wá, tó wá bá èyí, á rò pé a kò ṣe é dáadáa ni. Mo lọ sídìí dúrọ́ọ̀, mo fa ìlà náà rẹ́.

Ọ̀sẹ̀ kẹta, bọ́tà ṣàn

Ọjọ́ yìí dùn mí. Irú pésírì yìí, bọ́tà la máa ń tẹ́ sínú ìyẹ̀fun, ká ṣẹ́ ẹ po sí mẹ́ta, ká yí i fẹ̀, ká tún ṣẹ́ ẹ po, ìgbà mẹ́ta, ìyẹn á di ìpele bọ́tà 27, òun ló máa ń jẹ́ kí inú rẹ̀ dà bí afárá oyin tó bá jinná. Gbogbo ẹ̀ ló wà lọ́wọ́ bọ́tà. Tó bá tutù jù, á ṣẹ́ wẹ́wẹ́ nínú ìyẹ̀fun, èèyàn á máa rí i lójú rẹ̀ bí ilẹ̀ tó sán. Tó bá gbóná jù, á wọ inú ìyẹ̀fun lọ.

Ojú ọjọ́ tutù lọ́jọ́ yẹn, mo bá gbé tiréè méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ófùnù tó ń gbóná kó lè tètè wú. Nígbà tí mo padà dé, omi bọ́tà ti wà lábẹ́ gbogbo wọn, ó ń dán. Mo ṣì dá a sófùnù, mo ní bóyá á ṣe é ṣe. Ìdí gbogbo wọn dín bí àkàrà, mo la ọ̀kan, kò sí afárá kankan níbẹ̀, búrẹ́dì ni, búrẹ́dì olóròóró. 24 ló lọ bẹ́ẹ̀. Bọ́tà á ti máa ṣàn kó tó dé dìgírì 35, ẹ̀gbẹ́ ófùnù sì gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ. A wá fi òṣùwọ̀n ooru sínú ófùnù tí iná ò sí nínú ẹ̀, a gbé abọ́ omi gbígbóná sísàlẹ̀, a ò jẹ́ kó kọjá 26, ó gba wákàtí méjì àtààbọ̀ kó tó wú. A kì í fi agbára kán an lójú mọ́. Téèyàn bá mi tiréè díẹ̀, tó rí i tí wọ́n ń gbọ̀n jẹ́lẹ́jẹ́lẹ́, ó ti yá nìyẹn.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn la wá dáhùn ìbéèrè àǹtí mi. Fíríjì ló máa sọ iye tá a lè ṣe, kì í ṣe ófùnù, torí láàárín ìṣẹ́po kan sí èkejì ìyẹ̀fun gbọ́dọ̀ sinmi nínú òtútù, á sì sun ibẹ̀ mọ́jú. Ìṣù ìyẹ̀fun mẹ́ta péré ni fíríjì wa gbà lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn ọ̀kan fún fíléfọ̀ kan. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń mú 12 jáde, ọ̀kan nínú 12 sábà máa ń wọ́ tàbí kó la, a wá ka 11. Ọjọ́ mẹ́rin la máa tà. Mo ṣe é lórí bébà: 11 lọ́nà mẹ́ta lọ́nà mẹ́rin, 132, tí páálí kan bá gba mẹ́fà, páálí 22. Inú mi dùn, mo kọ 22 sílẹ̀.

Àǹtí mi wò ó, wọ́n ní, "Méjì méjì fíléfọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń wọ páálí. 11 yẹn, ṣé wà á la ọ̀kan sí méjì ni?"

Òótọ́ ni. 11 lóòjọ́, méjì méjì, páálí márùn-ún ló máa jáde, ọ̀kan á ṣẹ́ kù nínú fíléfọ̀ kọ̀ọ̀kan, a ò sì lè kó o mọ́ ti ọjọ́ kejì torí adùn ẹ̀ ti lọ nígbà yẹn. Márùn-ún lọ́nà mẹ́rin, páálí 20. Ká ní a ti kọ 22 ránṣẹ́ ni, oníbàárà méjì á ti sanwó fún ohun tí kò sí. "Díẹ̀" á wá di nọ́ńbà báyìí nínú lẹ́tà, ẹni tó bá kà á á mọ̀ pé a ò kàn fẹ́ fi kán òun lójú.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin, lẹ́tà

Ohun kan ṣì kù tí mo fẹ́ fi pamọ́ sísàlẹ̀ lẹ́tà, ìyẹn àwọn ohun tó máa ń gbòdì lára àwọn kan. Mo ti kọ pé ẹni tí kò bá lè jẹ álímọ́ńdì kó mú méjì tó kù. Ṣùgbọ́n tábìlì kan náà la fi ń yí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tiréè kan náà, ọ̀bẹ kan náà, lẹ́búlú álímọ́ńdì sì máa ń fò bí eruku. A ò lè ṣèlérí yẹn. Mo tún wo ẹ̀yìn páálí ṣokoléètì wa, mo bá sóyà níbẹ̀, mi ò bá má mọ̀. Mo gbé gbogbo ẹ̀ wá sókè, mo kọ ọ́ gbọnrangandan. Ó máa lé àwọn kan, àmọ́ ó yẹ kó lé wọn.

Ti bí wọ́n ṣe máa tọ́jú ẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ti pésírì bọ fíríjì, ibẹ̀ gan-an ló ti ń yára le ju bó ṣe máa le lórí tábìlì lọ. Ìyẹn náà wọ lẹ́tà.

Bó ṣe parí nìyí:

"Ẹ̀yin oníbàárà wa,

Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ọdún. Láti Ọjọ́bọ̀ dé Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, a máa ṣe fíléfọ̀ mẹ́ta tí a ò ní ṣe lẹ́yìn ọdún: èèpo ọsàn pẹ̀lú sínámọ́nì, álímọ́ńdì tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń dún lẹ́nu tí inú rẹ̀ rin, àti ṣokoléètì dúdú pẹ̀lú atalẹ̀ gbígbẹ.

Páálí 20 ni gbogbo ẹ̀, márùn-ún lóòjọ́. Páálí kan ní mẹ́fà nínú, méjì méjì. A ò lè pààrọ̀ rẹ̀ sí fíléfọ̀ kan ṣoṣo.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí: ìyẹ̀fun wíìtì, bọ́tà, mílíìkì, ẹyin, álímọ́ńdì àti sóyà wà nínú iṣẹ́ yìí, orí tábìlì kan náà la sì ti ń ṣe gbogbo rẹ̀. Ẹni tí èyíkéyìí nínú wọn bá máa ń gbòdì lára rẹ̀ kó má ṣe jẹ ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ fi orúkọ sílẹ̀ kó tó di aago 6 ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, torí láti Ọjọ́rú la ti máa po ìyẹ̀fun àkọ́kọ́. Ẹ wá gbà á láàárín aago 10 àárọ̀ sí aago 2 ọ̀sán ọjọ́ tẹ́ ẹ bá mú.

Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá gbà á ló dùn jù. Tó bá ṣẹ́ kù, ẹ má fi sí fíríjì, ẹ wé e dáadáa kẹ́ ẹ fi sínú fírísà, tẹ́ ẹ bá fẹ́ jẹ ẹ́, ẹ jẹ́ kó yọ́ tán, kẹ́ ẹ wá fi sínú ófùnù dìgírì 170 fún ìṣẹ́jú 8.

Àwa tá a ṣe é ló kí yín."

Àǹtí mi kà á lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n kan fi kọ́mà kan sí i, wọ́n ní ká fi ránṣẹ́.

Àárọ̀ Ọjọ́ Ajé

Páálí 13 ti ní orúkọ lórí. Ìyá kan kọ̀wé pé àwọn ti fẹ́ gba kan fún àwọn ọmọ àwọn, pé ọ̀kan nínú wọn kì í jẹ álímọ́ńdì, àwọn ti ka ohun tá a kọ, àwọn á ní sùúrù di ìgbà tá a bá ṣe búrẹ́dì nìkan. Àǹtí mi ti kọ orúkọ wọn sára fíríjì. Bọ́tà fún Ọjọ́rú ti dé, èèpo ọsàn ni mò ń lọ rin báyìí.