Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí kíkọ ọ̀rọ̀ ìrántí àgbà àdúgbò

Ẹ̀yin àbúrò mi tí wọ́n ti ń gbé iṣẹ́ yìí lé lọ́wọ́ báyìí, kí ẹ tó mú bírò, ẹ lọ wá ìwé ìpàdé àdúgbò. Òun ló wúlò fún mi jù.

Nígbà tí akápò àdúgbò wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ papòdà, èmi ni wọ́n ní kí n kọ ohun tí wọn yóò kà níbi fídàù ọjọ́ kẹjọ. Àwọn ọmọ Bàbá ní bàbá àwọn ló ra tiransifọ́mà àdúgbò. Mo yẹ ìwé wò: gbogbo onílé ló dá owó náà. Orúkọ oníkálukú wà níbẹ̀, iye tó san wà níwájú rẹ̀. Bàbá kò fo ẹnikẹ́ni, títí kan ìyá ẹlẹ́kọ tó ń san tiẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ́jọ́ ọjà. Nígbà tí owó ṣẹ́kù, ó ka ìṣirò rẹ̀ jáde ní ìpàdé, wọ́n sì fi ra wáyà. Ohun tí mo kọ nìyẹn, pẹ̀lú ìyá ẹlẹ́kọ náà. Ká ní mo kọ pé òun nìkan ló rà á, àwọn tó dá owó, tí wọ́n jókòó síbẹ̀, á máa wojú ara wọn. Lójú tèmi, iyì akápò ju ti olówó lọ níbi ọ̀rọ̀ yìí: owó olówó gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, kọ́bọ̀ kò dín.

Ọ̀rọ̀ ọdún gba sùúrù. Àwọn àgbà wa kì í sábà dárúkọ ọdún. Wọ́n á ní "LAUTECH ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà náà ni", tàbí "Ṣọ̀ún Oyèwùmí ṣẹ̀ṣẹ̀ gorí ìtẹ́ ni". Ẹ mọ̀ pé 1990 ni wọ́n dá LAUTECH sílẹ̀, pé 1973 ni Ṣọ̀ún Oyèwùmí gorí ìtẹ́, kí ẹ wá fi wé ohun tó wà nínú ìwé. Bí méjèèjì kò bá bára mu, ẹ kọ ọ́ pé "ní nǹkan bí".

Ẹ má fi oríkì ìlú dí oríkì ìdílé. Ọmọ Ajílété ni gbogbo wa, ṣùgbọ́n orílẹ̀ wa kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹ bi ìyá àgbà ilé náà, kí ẹ sì bi dáwódù bóyá ẹ̀sìn wọn gbà á kí wọ́n kì í níbẹ̀.

Kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ẹ kà á sókè fún ara yín, kí fóònù máa ka àsìkò. Ẹ fi àmì ohùn sórí gbogbo orúkọ, torí ẹlòmíì lè ni yóò kà á.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e lọ fún ẹbí. Ohun tí wọ́n bá ní kí ẹ yọ, ẹ yọ ọ́. Ohun tí wọ́n bá ní kí ẹ fi kún un, tí ẹ kò rí nínú ìwé, tí ẹnikẹ́ni tó bá Bàbá ṣiṣẹ́ kò sì mọ̀, ẹ kọ ọ́ báyìí: "Àwọn ọmọ rẹ̀ sọ fún wa pé..."