Ọjọ́rú: fáìlì tó kọ̀ tí kò wọlé

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ délé ni, aago mẹ́sàn-án alẹ́ ti ń lù, àmọ́ mi ò fẹ́ sùn kí n tó kọ nǹkan tó ṣẹlẹ̀ lónìí sílẹ̀, torí tí mo bá jẹ́ kó di ọ̀la màá ti gbàgbé àwọn nọ́ńbà inú ẹ̀.

Bí mo ṣe wọ ọ́fíìsì wa n'Ìbàdàn báyìí láàárọ̀, màmá tó wà ní akáùnt ti ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. "Ọmọ mi, wá bá mi wo nǹkan yìí o, láti àná ni fáìlì owó oṣù ò ti wọlé." Mo ní ẹ kú àárọ̀ mà, ẹ jẹ́ n wò ó. Sáfà tí fáìlì yẹn wà lórí ẹ̀, Èkó ló wà. Ojú ewé tí wọ́n ti ń kọ páswọ́ọ̀dù ṣí dáadáa, páswọ́ọ̀dù wọlé, àmọ́ bí wọ́n ṣe tẹ fáìlì yẹn pé kó máa bọ̀, gbogbo ẹ̀ dúró sójú kan, òbìrípo kékeré yẹn kàn ń yí. Bẹ́ẹ̀ wọ́tsáàpù ń lọ, àwọn sáìtì tó kù ń ṣí.

Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ní nẹ́tíwọ̀kì ni kò lágbára. Mo ní rárá, tó bá jẹ́ pé kò lágbára ni, gbogbo nǹkan ló máa fà, kì í ṣe sáfà kan ṣoṣo. Mo píǹgì sáfà yẹn, ó dáhùn kíákíá, ẹyọ kan ò sọnù. Mo fi ssh wọlé síbẹ̀, ó gbà mí. Mo tẹ ls, àṣẹ kékeré tó ń to orúkọ fáìlì, ó dáhùn. Mo wá ní kó fi ìlà 500 ìgbẹ̀yìn nínú lọ́ọ̀gù kan hàn mí, ló bá gan pa, kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ibẹ̀ lara mi ti fu, torí nǹkan kékeré ń kọjá, nǹkan ńlá ò kọjá. Ẹni tó bá ti rí irú ẹ̀ rí mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìwọ̀n nìyẹn.

Mo bi ọmọ yẹn pé ìpele wo ló rò pé ó bàjẹ́. Ó ka ìpele méjèèje OSI, ìlànà tó pín iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì sí ìpele-ìpele, fún mi láti orí dé ìsàlẹ̀ láì gbà mí láyè, ó kà á dáadáa, àmọ́ kò mọ èyí tó yẹ kó wò. Mo sọ fún un pé méje yẹn, èyí tí ISO, àjọ tó ń ṣètò ìlànà fún gbogbo àgbáyé, gbé jáde ní 1984, dáa fún ká fi máa sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ̀kì ARPANET, ìyá íńtánẹ́ẹ̀tì, ti bọ́ sórí TCP/IP láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1983, mẹ́rin péré sì ni RFC 1122 ti 1989, ọ̀kan lára àwọn ìwé ìlànà íńtánẹ́ẹ̀tì, kà: èyí tó gba ẹrù sórí kébù, èyí tó mọ ọ̀nà, èyí tó ń ka ẹrù, àti èyí tí àwọn ètò tí à ń lò wà. Ìdí nìyẹn tí ìpele karùn-ún àti ìkẹfà inú OSI kò fi ní ilé tiwọn téèyàn lè nawọ́ sí nínú nǹkan tí à ń lò lójoojúmọ́.

Mo wá fi wébìlì ṣàlàyé fún un. Tí o bá fẹ́ fi àpò gààrí márùn-ún ránṣẹ́ sí Èkó láti gáréèjì, ìwọ tó ni ẹrù lo máa kọ nọ́ńbà sára àpò kọ̀ọ̀kan, ìwọ náà lo sì máa pe ẹni tó fẹ́ gbà á pé ṣé márùn-ún pé, tí ẹyọ kan ò bá dé wàá tún òmíràn gbé. TCP nìyẹn. Orúkọ àti àdírẹ́ẹ̀sì ẹni tó máa gbà á lára àpò, IP nìyẹn, kì í yí padà lójú ọ̀nà (bó bá dé ọ̀dọ̀ rọ́tà wa, rọ́tà máa ń pààrọ̀ àdírẹ́ẹ̀sì ìta sí ti inú ilé, àmọ́ ìyẹn ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn). Dírẹ́bà ni ìpele ìsàlẹ̀. Dírẹ́bà ò bìkítà nípa ẹni tó máa jẹ gààrí, gáréèjì tó kàn ló mọ̀, tó bá débẹ̀ yóò já ẹrù sílẹ̀, ọkọ̀ mìíràn á gbé e. Àdírẹ́ẹ̀sì MAC nìyẹn, kébù kan sí kébù kejì ló ń yí padà. Kò sẹ́ni tó ń tú àpò ẹlòmíràn wò nínú wọn.

Ìpele kọ̀ọ̀kan ló sì ń fi nǹkan tiẹ̀ wé ẹrù náà. Pákẹ́ẹ̀tì tó ń gba kébù ọ́fíìsì kọjá, 1500 báìtì ni ó lè tóbi tó, ìyẹn MTU. Nínú 1500 yẹn, IP mú 20 fún hẹ́dà tiẹ̀, TCP mú 20, ó ku 1460 fún fáìlì gan-an. 1460 yìí ni wọ́n ń pè ní MSS, ìgbà tí kọ̀ǹpútà méjì bá kọ́kọ́ ń kí ara wọn nínú SYN, pákẹ́ẹ̀tì ìkíni TCP, ni oníkálukú máa ń sọ ọ́, pé èmi lè gba tó báyìí lẹ́ẹ̀kan. Níbo ló ti ń mú nọ́ńbà yẹn? Lára káàdì nẹ́tíwọ̀kì tirẹ̀ ni. Kọ̀ǹpútà màmá rí 1500 lára káàdì tiẹ̀, ó yọ 40, ó sọ fún sáfà pé 1460. Kò puró, àmọ́ ilẹ̀kùn yàrá tiẹ̀ nìkan ló wọ̀n, kò rí àwọn ilẹ̀kùn tó wà lójú ọ̀nà.

Ilẹ̀kùn kan wà lójú ọ̀nà tó fún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tó ń tà íńtánẹ́ẹ̀tì fún wa, PPPoE ni wọ́n fi so wá mọ́ ara wọn, PPPoE sì ń fi 8 báìtì tiẹ̀ kún pákẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan. 1500 yọ 8, 1492 ló kù. Ohun tí mo rò nìyẹn, mo fẹ́ fojú rí i. Láti orí sáfà yẹn mo píǹgì àdírẹ́ẹ̀sì ìta ọ́fíìsì wa, mo ní wọn ò gbọdọ̀ gé pákẹ́ẹ̀tì náà (àdírẹ́ẹ̀sì àpẹẹrẹ ni mo fi rọ́pò tiwa níbí):

```
ping -M do -s 1472 -c 4 203.0.113.20
ping -M do -s 1464 -c 4 203.0.113.20
```

1472 yẹn, tí o bá fi 8 ti ICMP, èyí tí píǹgì àti rọ́tà fi ń ránṣẹ́, àti 20 ti IP kún un, 1500 géérégé. Ó ní `100% packet loss`, kò tiẹ̀ sọ ìdí. Èkejì jẹ́ 1492, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dé. Ọmọ yẹn pariwo. Báìtì 8 péré ni ìyàtọ̀ o.

Mo tún ní kó wo tcpdump, ètò tó ń fi pákẹ́ẹ̀tì tó ń kọjá hàn, lórí sáfà nígbà tí màmá ń tẹ fáìlì yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó rí nọ́ńbà `seq` kan náà tó ń jáde léraléra, àárín wọn ń gùn sí i, tó bá dúró díẹ̀ á tún ránṣẹ́, á tún dúró ní ìlọ́po méjì. TCP ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ó gbọ́ pé ẹrù ò dé, ó tún un gbé, àmọ́ ẹrù tó tóbi jù náà ló ń tún gbé.

Ìbéèrè tó wá kàn ni pé kí ló dé tí sáfà ò fi mọ̀ pé kó dín in kù. Ó yẹ kó mọ̀. Láti 1990 ni RFC 1191 ti ṣètò ẹ̀: pákẹ́ẹ̀tì máa ń gbé àmì DF pé ẹ má gé mi, rọ́tà tí ilẹ̀kùn rẹ̀ bá fún máa jù ú nù, á sì fi ICMP ránṣẹ́ padà sí ẹni tó fi í ránṣẹ́, irú 3, kóòdù 4, pé ó tóbi jù, 1492 ni mo lè gbà. Sáfà á gbọ́, á dín ẹrù kù, iṣẹ́ á lọ. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ pẹ̀lú àwọn sáìtì tó kù nìyẹn, ìdí tí wọ́n fi ń ṣí. Àmọ́ fáyàwọ́ọ̀lù tó wà níwájú sáfà tiwa gba píǹgì nìkan láàyè, gbogbo ICMP tó kù ló ń dà nù. Rọ́tà ń kígbe, ẹni tí wọ́n ń kígbe sí ò gbọ́. Èyí ń dùn mí gan-an, torí èrò àwọn tó ń ṣe é ni pé ààbò ni, ààbò kọ́, ẹ ń dí etí sáfà yín ni.

Kí ló wá dé tó fi ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀? Alẹ́ ọjọ́ Ajé ni mo pààrọ̀ rọ́tà wa, èyí àtijọ́ jóná, mo fi kọ̀ǹpútà Línọ́ọ̀sì kékeré kan rọ́pò ẹ̀. Ti àtijọ́ ní òfin kan nínú tí mi ò rántí gbé wá. Òfin náà nìyí:

```
iptables -t mangle -A FORWARD -p tcp \
  --tcp-flags SYN,RST SYN \
  -j TCPMSS --clamp-mss-to-pmtu
```

Ohun tó ń ṣe ni pé bí kọ̀ǹpútà màmá bá ń kí sáfà, tó ní 1460, rọ́tà á dá SYN yẹn dúró, á pa 1460 rẹ́, á kọ 1452 síbẹ̀, ìyẹn 1492 yọ 40. Ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún SYN tó ń bọ̀ láti ìta náà. Látìgbà yẹn sáfà ò ní fi èyí tó ju ilẹ̀kùn lọ ránṣẹ́, kò sì nílò kó gbọ́ ICMP kankan. Mo tẹ̀ ẹ́, mo ní kí màmá tún fáìlì yẹn tẹ̀, kí n tó jókòó ó ti wọlé.

Nǹkan tí mo ń rò bọ̀ nínú ọkọ̀ nìyí. Òfin yẹn kò bá ìpele mu. Iṣẹ́ rọ́tà ni kó wo IP, kó dín TTL, iye rọ́tà tí pákẹ́ẹ̀tì ṣì lè gbà kọjá, kù ní 1, kó yan ọ̀nà, kó kọjá. Ọ̀rọ̀ tó wà nínú TCP, àárín kọ̀ǹpútà méjì tó wà ní ìkangun ni, rọ́tà ò ní nǹkan ṣe níbẹ̀, àfi bíi dírẹ́bà tó tú àpò ẹ tó ń yí nọ́ńbà inú ìwé ẹ padà. Mo ṣe é, mo sì máa tún ṣe é tó bá tún ṣẹlẹ̀, torí iṣẹ́ gbọ́dọ̀ lọ, àmọ́ ó ní ààlà: TCP nìkan ló ràn lọ́wọ́. Ètò tó bá ń fi UDP, tí kì í kọ́kọ́ kí ara wọn bíi TCP, ránṣẹ́ ní pákẹ́ẹ̀tì ńlá tó ní DF kò ní SYN tí ẹnikẹ́ni máa tún kọ, tí kò bá fúnra ẹ̀ dín ẹrù kù, á kàn máa sọnù bẹ́ẹ̀ ni.

Ìyẹn ni mo ṣe kọ̀wé sí ẹni tó ń bójú tó fáyàwọ́ọ̀lù l'Ékòó kí n tó kúrò lọ́fíìsì, mo ní ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ṣí ICMP irú 3 kóòdù 4 sílẹ̀, mo so àbájáde píǹgì méjèèjì mọ́ ọn. Ó ní òun á wò ó lọ́la. Ọmọ yẹn ti ní òun ló máa tẹ píǹgì 1472 yẹn lọ́la kí n tó dé, tó bá rí `Frag needed and DF set (mtu = 1492)` dípò pé kó dákẹ́, òun á pè mí.